Bí a ṣe ń gé ìkéde gígùn kúrú fún sítátọ́ọ̀sì láì ba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Èmi ni akọ̀wé ìpàdé ìdílé wa. Àwọn àgbà a kọ ìkéde, a gùn dáadáa, wọn a fi ránṣẹ́ sí mi, wọn a ní, "Bá wa gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì." Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìdílé, ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn máa ń bi mí ní ìbéèrè, ìbéèrè náà sì sábà máa ń jọra. Mo kó àwọn ìdáhùn jọ síbí.

Àyè mélòó ni mo ní gan-an?

Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan kì í gbà ju lẹ́tà 700 lọ, a sì ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. X, tí à ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, ń gba 280 láti ọdún 2017. Kí ó tó di ìgbà náà, 140 ni. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán lórí Instagram lè tó 2,200, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ tàbí méjì nìkan ló ń hàn kí ènìyàn tó tẹ "more". Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ìlà méjì yẹn nìkan lẹ kọ fún un.

Ti WhatsApp náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń kéré sí i. 700 ni wọ́n fún wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í fẹ́ kọjá nǹkan bí 250 sí 300. Àwọn ìyá tó ń ka sítátọ́ọ̀sì mi kì í fìgbà gbogbo rántí mú awò ojú wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fa fóònù súnmọ́ imú torí ọjọ́ ìsìnkú.

Ohun kan wà tí àwa tó ń kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa X. Kì í ka ẹ, ọ àti ṣ wa bí ó ṣe ń ka a àti b. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ yìí, méjì méjì ló ń kà á, bí ẹ bá sì tún fi àmì ohùn lé e lórí, ó di mẹ́ta. Ẹ wo "ọjọ́": lẹ́tà mẹ́ta ni lójú wa, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni X kà. "Ọ̀ṣọ́" náà, lẹ́tà mẹ́ta, ó di mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ rò pé yóò wọlé wẹ́rẹ́ fi ń kọjá àyè. Líǹkì ní tirẹ̀, bó ti wù kó gùn tó, 23 ni X máa ń kà á, nítorí náà ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí pé ẹ fẹ́ gé líǹkì kúrú.

Kí ni kí n kọ́kọ́ gé?

Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ẹni tó bá ka èyí tán, kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe? Ohunkóhun tí kò bá ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é ni a lè gé. Mo máa fi ìkéde kan tí wọ́n fún mi ṣe àpẹẹrẹ. Mo yọ orúkọ àwọn ènìyàn kúrò, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyí:

> Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Ẹ kú ìrójú, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ gbà wá mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, a ti kéde tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kọkànlá, ni àìsùn màmá wa, tí ìsìnkú yóò sì wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15. Ṣùgbọ́n nítorí pé àkọ́bí wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní lè dé kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn àgbà ìdílé jókòó lánàá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròyé, wọ́n fẹnu kò pé kí a sún un síwájú. Nítorí náà, àìsùn di ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kọkànlá, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìsìnkú di ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí màmá ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó aṣọ ẹbí, ẹ fọkàn balẹ̀, aṣọ tí a mú tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san, a kò ní gba owó mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kọkànlá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí akápò ìdílé. Ẹ ṣeun, a dúpẹ́, Ọlọ́run yóò dúró tì wá.

Mo mú bírò, mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó má bàa ṣìnà. Nǹkan márùn-ún péré ni mo rí: ọjọ́ ti yí padà, àìsùn, ìgbà wo àti níbo, ìsìnkú, ìgbà wo àti níbo, ìgbà tí gbígba owó aṣọ yóò parí àti ẹni tí a ó san án fún, aṣọ kò yí padà.

Ìdí tí wọ́n fi yí ọjọ́ padà, àròyé àwọn àgbà, ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ àti àdúrà ìparí ló gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìkéde náà lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn nínú gúrúùpù ìdílé, níbi tí ènìyàn ti fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Lórí sítátọ́ọ̀sì, wọn ò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dé ibi àìsùn lọ́jọ́ tó yẹ.

Báwo wá ni ẹ ṣe kọ ọ́ níkẹyìn?

Èkíní tí mo kọ kò dára, mo sì fẹ́ kí ẹ rí i, nítorí àṣìṣe inú rẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an:

> A ti sún àìsùn àti ìsìnkú màmá síwájú. Ẹtì 21, Àbámẹ́ta 22. Owó aṣọ ẹbí parí ní ọjọ́ 9.

Ó kúrú, ó sì mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n "sún síwájú" ní ojú méjì. Àwọn kan gbọ́ ọ pé ọjọ́ ti jìnnà sí i. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ pé ó ti súnmọ́ sí i, pé a mú un wá síwájú ọjọ́ tí a dá tẹ́lẹ̀. Èmi náà kò sì dárúkọ oṣù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ti ka 21 àti 22, wọ́n sì gbà pé ọjọ́ yẹn ti kọjá ní oṣù tó lọ, pé a ti sin màmá láì sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹlòmíràn ní tirẹ̀ bi mí léèrè ohun tí a fi owó aṣọ ẹbí ṣe tó fi "parí". Èmi ń sọ̀rọ̀ ìparí ìgbà tí a ó gba owó. Òun gbọ́ pé owó ti tán.

Mo yọ ọ́, mo sì tún un kọ báyìí:

> ỌJỌ́ ÌSÌNKÚ MÀMÁ TI YÍ PADÀ.
> Kì í ṣe 14 àti 15 oṣù Kọkànlá mọ́.
> Àìsùn: Ẹtì, 21 oṣù Kọkànlá, agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ilé wa, Ìjẹ̀bú-Igbó.
> Ìsìnkú: Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kọkànlá, agogo 10 àárọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì màmá.
> Aṣọ ẹbí kò yí padà. A kò ní gba owó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn Àìkú, 9 oṣù Kọkànlá. Akápò ìdílé nìkan ni kí ẹ san án fún.
> Ẹ kú ìrójú.

Ẹ kíyè sí i pé mo pa "sún síwájú" tì pátápátá. Mo kọ ọjọ́ àtijọ́, mo kọ tuntun, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa rò mọ́. Mo kọ orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀, nítorí pé bí mo bá ṣi ọ̀kan kọ, èkejì yóò tú àṣírí mi. Oṣù náà, mo kọ ọ́ ní gbogbo ibi tí ọjọ́ wà. Èyí gùn ju èkíní lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, ó sì kúrú tó fún ohun tí a fẹ́ fi í ṣe.

Fún ẹni tó ń gbé àwòrán màmá sórí Instagram, ìlà tí yóò ṣáájú nìyí: "Ìsìnkú màmá ti di 22 oṣù Kọkànlá, kì í ṣe 15 mọ́." Ìyókù lè tẹ̀lé e nísàlẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé "Pẹ̀lú ìfọpẹ́ fún Ọlọ́run fún ìgbé ayé rere" yóò gba ìlà méjèèjì tó ń hàn, ọjọ́ ìsìnkú yóò sì fara pamọ́ sẹ́yìn "more".

Ọ̀rọ̀ kéékèèké wo ni kò yẹ kí n gé láéláé?

Àwọn tó kéré jù ló léwu jù, nítorí pé wọ́n máa ń dà bí ohun tí a lè fò. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta nínú orí mi.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́": kò, kì í, má, mọ́, tíì. "Wọn kò tíì san" yàtọ̀ sí "wọn kò san". Ti àkọ́kọ́ ṣì ń retí owó, ti èkejì ń ka ènìyàn sí ajẹgbèsè. Ẹ ṣọ́ra jù lọ fún "má" àti "máa". "Ẹ máa wá" ń pe ènìyàn. "Ẹ má wá" ń lé e padà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ẹni tó bá sì kọ "e ma wa" kí ó lè tètè tán, kò pe ẹnikẹ́ni, kò sì lé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní iyèméjì, ẹ yí gbólóhùn náà padà: "A ń retí yín" tàbí "A kò ní ṣe é mọ́".

Ìkejì ni èyí tó ń fi ààlà sí ọ̀rọ̀: nìkan, àyàfi, yàtọ̀ sí, títí di. Bí mo bá yọ "nìkan" kúrò nínú ọ̀rọ̀ akápò yẹn, ó di pé akápò jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí a lè san owó fún.

Ìkẹta ni "bí … bá". Alága ẹgbẹ́ sọ pé, "Bí òjò kò bá rọ̀, ìta ni a ó ti ṣe é, bí ó bá rọ̀, inú gbọ̀ngàn." Akọ̀wé gé e sí "Ìta ni a ó ti ṣe é." Alága kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí ẹ sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, bí àyè kò bá gba "bí" àti "bá" rẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ṣé mo lè sún ọ̀rọ̀ kì, bí "nílé" dípò "ní ilé"?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà nìyẹn. "Ní ilé" di "nílé", "sí ilé" di "sílé", "gbé ọmọ" di "gbọ́mọ". Ohun tí ẹ ń jèrè kò pọ̀, àlàfo kan àti fáwẹ́lì kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà a túbọ̀ dùn ún kà. Ibi tí mo ti máa ń dúró ni orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn. Mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lódidi kí àlejò lè dá wọn mọ̀. Ẹ sì tún wo "fi owó" àti "fi ọwọ́": ọ̀kan di "fowó", èkejì di "fọwọ́". Bí àmì ìsàlẹ̀ bá bọ́, wọ́n ti di ọ̀kan náà.

Fífa fáwẹ́lì yọ bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣe nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wọn kò bá èdè wa mu. Fáwẹ́lì ló ń gbé ohùn. Bí a bá yọ ọ́, kónsónáǹtì tó kù kò lè sọ ohun tí a ní lọ́kàn. "Abbl" dípò "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ" ti mọ́ àwọn tó ń ka ìwé Yorùbá lára. Yàtọ̀ sí irú rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tán.

Àmì ohùn ń jẹ àyè mi. Ṣé kí n yọ wọ́n?

Lórí WhatsApp, kò sídìí, àyè pọ̀. Lórí X, mo mọ̀ pé ó ń dunni, bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Ibi tí ó ti le jù ni àtẹ̀jíṣẹ́ lásán: ojú ewé kan máa ń gba 160, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, gbogbo ojú ewé náà di 70, wọn a sì gba owó ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ yín.

Síbẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gé ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó gé àmì kan. "Ọkọ ìyàwó ti dé" àti "Ọkọ̀ ìyàwó ti dé" jẹ́ ìròyìn méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ti dé. Nínú èkejì, ọkọ̀ tó gbé obìnrin ló dé. Ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún wọn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́. Bí ó bá wá di dandan, tí ẹ̀rọ kò gba àmì rárá, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbejì: "Mọ́tò ìyàwó ti dé", ó tán.

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kí ló dé tí mo fi ní láti sọ odidi?

Mo fẹ́ràn òwe yẹn, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún wà níwájú wa, ó mọ ìtàn tó wà nílẹ̀, ó sì ń wo ojú wa. Ẹni tó ń ka sítátọ́ọ̀sì yín lè jẹ́ oníbàárà yín, ẹni tí ẹ jọ kàwé ní ogún ọdún sẹ́yìn, tàbí àna ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Kútọnu. Kò sí nínú ìpàdé àná. Mo máa ń kọ sítátọ́ọ̀sì fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tó ti mọ̀ kò nílò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìkéde mi kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gé ìkíni tán pátá. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ mu: "Ẹ kú ìrójú" fún òkú, "Ẹ kú ewu ọmọ" fún ìkómọ. Kò gba àyè, ó sì ń fi hàn pé ènìyàn ló kọ ọ́. Ẹ má ṣe sọ "ẹ" di "o" nítorí àyè. Oyè náà, ẹ má gé e. Bí orúkọ bá pọ̀ jù, ẹ má kọ ìdajì wọn, torí pé ìjà ni ìdajì orúkọ máa ń bí nínú ìdílé. Ẹ kọ "àwọn ọmọ olóògbé" tàbí "ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́", kí gbogbo wọn wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò tún wọlé. Ṣé mo lè pín in sí sítátọ́ọ̀sì méjì?

Ẹ lè ṣe é, bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá lè dá dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ fóònù kọjá lẹ́yìn èkíní, àwọn kan kì í sì í dúró ka èyí tí kò ní àwòrán. Nítorí náà, ẹ má pín gbólóhùn kan sí méjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àìsùn àti ìsìnkú sí ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí wà nínú èkejì, kí ẹ sì kọ "Ìsìnkú màmá, 22 oṣù Kọkànlá" sókè àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn wákàtí 24, wọ́n á pòórá. Bí ọjọ́ bá ṣì jìnnà, ẹ tún un gbé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì pé?

Ẹ wá ẹnì kan tí kò rí ìkéde gígùn náà. Ẹ fún un ní fóònù, kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gba fóònù yín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: ìgbà wo ni? Níbo ni? Kí ni wọ́n ní kí o ṣe? Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá dáhùn pé "mo rò pé", ibẹ̀ ló ti bàjẹ́, kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Ọmọ àbúrò mi ni mo máa ń fún, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun ló sọ fún mi pé "ṣọ́ọ̀ṣì màmá" kò lè yé ẹni tí kò mọ màmá, mo sì fi orúkọ àdúgbò kún un kí n tó gbé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìkéde gígùn àti kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe nọ́ńbà kì í hàn nígbà tí a bá kàn kà á lọ.

Mo ti gbé e, mo wá rí àṣìṣe. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ yọ ọ́ kíákíá, kí ẹ gbé èyí tó tọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba sí ìlà àkọ́kọ́: "Èyí tí mo gbé láàárọ̀ kò tọ́." Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ tẹ àmì ojú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó ti wò ó. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà pamọ́, torí pé bí ẹ bá ti yọ sítátọ́ọ̀sì, orúkọ wọn náà ti lọ. Àwọn tó ti pa àmì "mo ti kà á" lórí fóònù wọn kò ní hàn nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sínú gúrúùpù pẹ̀lú. Àwọn tó hàn, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.